Ohun Tí Aṣọ Ìyá Àgbà Kò Lè Rí

ÌBÉÈRÈ

 

Ọmọ Òwé ni mí, Kàbà níbí ni mo sì ti ń kọ̀wé yìí. Mo ń kọ ìtàn ìdílé ìyá mi, láti ìgbà tí ìyá àgbà wọlé ọkọ ní 1952 títí di ìgbà tí wọ́n papò dà. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá àgbà. Kàdúná ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ọdún púpọ̀. Nígbà tí ìjọba pín ìpínlẹ̀ ní 1967, wọ́n kó ẹrù wá sí Ìlọrin, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì wá sí Kàbà. Ìyá mi náà ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin. Ìgbà tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀ ní 1991, Lọ́kọ́jà ni wọ́n gbé òun lọ.

N kò fẹ́ kí ó rí bí ìwé ìtàn tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ìwé. Mo fẹ́ kí nǹkan tó wà nínú ilé náà sọ ọ́. Ajá bàbá àgbà, Tanímọ̀la, ni mo kọ́kọ́ fi sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní irú ajá wo ló dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ni mo bá fi ajá sílẹ̀, mo mú aṣọ. Ìyá àgbà ní aṣọ òwú kan tí ìyá wọn, tó jẹ́ ọmọ Bùnú, hun fún wọn nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ. Aṣọ aláró ni, ó ní ilà funfun, ẹ̀là mẹ́ta ni wọ́n sì rán pọ̀. Nígbà tí ìyá àgbà kú, ìjà ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ká fi sin wọ́n, àwọn kan ní ká má dán an wò. Ọwọ́ àbúrò ìyá mi ló wà báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀là méjì péré ni mo rí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ibi tí ẹ̀là kẹta wà.

Mo ti kọ ojú ìwé ogójì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé: “Èmi ni aṣọ. Ojú mi ti rí nǹkan. Mo rí òmìnira Nàìjíríà, mo rí ogun abẹ́lé, mo rí ọjọ́ tí pọ́n-ùn kú tí náírà dé, mo rí ọjọ́ tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀.” Àwọn tó ti kà á ní ó dà bí ìròyìn orí rédíò. Mo fi ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ há inú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n ṣe sí i?

Ọmọ Òwé, Kàbà.

ÌDÁHÙN

Okun o, ọmọ mi. Mo ka ojú ìwé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo sì tún èyí tó wà ní ìkẹfà kà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó rẹ́rìn-ín ti bá mi ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Ajá tó bá pé ọdún mẹ́tàlá ní ilẹ̀ wa níbí ti di arúgbó. Ìtàn tó lé ní àádọ́rin ọdún yóò sin ajá bí mẹ́fà kó tó parí. Ṣùgbọ́n má kàn ka ajá sí ẹni tí kò mọ ìtàn sọ. Patrice Nganang, ọmọ Kamẹrúùnù, fi ajá kan tó ń jẹ́ Mboudjak sọ ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1999. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni olówó ajá náà, Massa Yo, ní ìlú Yaoundé. Ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè wọn dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ṣí ilé ọtí. Inú ilé ọtí yẹn àti ìta rẹ̀ ni ajá ti ń wo ohun tí àìríná-àìrílò ń sọ ènìyàn dà. Àdúgbò kan ni, ọdún díẹ̀ sì ni, gbogbo rẹ̀ kò ju ibi tí imú ajá lè dé lọ. Bó bá jẹ́ pé ọdún méjì àkọ́kọ́ tí bàbá àgbà fi jókòó sílé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ni o fẹ́ kọ, ǹ bá ní kí o lọ pe Tanímọ̀la padà. Èyí tí o dáwọ́ lé gùn jù fún un. Aṣọ ni kí o dì mú.

Àmọ́ o ti fún aṣọ náà ní ojú tí kò ní. Láti 1952, níbo ni aṣọ yìí wà? Ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kejì: ìsàlẹ̀ àpótí. Aṣọ tí ìyá hun fún ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sóko tàbí tí wọ́n fi ń lọ ọjà. Bí wọ́n bá mú un jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín àádọ́rin ọdún, ó ti jáde dáadáa. Gbogbo àkókò tó kù, òkùnkùn ni, pẹ̀lú àwọn aṣọ mìíràn lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fa àsíá òmìnira sókè ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, aṣọ ìyá àgbà wà ní Kàdúná nínú àpótí páànù. Kò rí àsíá kankan. Ẹni tó ń kàwé mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọkàn rẹ̀, kódà bí kò bá lè sọ ọ́ jáde, ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ́ ohùn rédíò. Ẹlẹ́rìí tó bá ń ròyìn ibi tí kò sí, adájọ́ kì í pẹ́ dá a dúró.

Nítorí náà, ohun tí aṣọ kò lè rí ni kí o kọ́kọ́ mọ̀ dájú, torí ibẹ̀ ni ìtàn rẹ pamọ́ sí. Fi ojú ìwé ogójì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Mú bébà kan, lọ jókòó ti àbúrò ìyá rẹ, kí o bi í léèrè gbogbo ìgbà tí aṣọ yìí jáde nínú àpótí. Má bi í ní ìtàn ìdílé o, torí bí o bá bi í ní ìtàn ìdílé, ohun tí gbogbo ayé ti gbọ́ ni yóò sọ. Ìjáde aṣọ ni kí o bi í. Ta ló ṣí àpótí? Kí ló fẹ́ fi aṣọ ṣe? Nígbà tí wọ́n dá a padà, ṣé wọ́n fọ̀ ọ́ ni àbí wọ́n kàn ká a? Ta ló ká a? Nínú ohun tí o kọ ránṣẹ́ sí mi, mo ti rí ìjáde mẹ́fà láìwá a: ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ tí wọ́n fi pọn ọmọ àkọ́bí, ìrìn àjò Kàdúná, ìkólọ sí Ìlọrin, òkú bàbá àgbà, àti òkú ìyá àgbà fúnra wọn. Mẹ́fà yẹn tó orí mẹ́fà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, má kọ ọ́. Fi àlàfo sílẹ̀ kí o sì jẹ́ kí ìjáde tó tẹ̀ lé e tú àṣírí rẹ̀.

Jẹ́ kí n fi ojú ìwé kẹfà rẹ ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. O kọ pé ọmọ àkọ́bí ìyá àgbà kú ní Kàdúná kó tó pé ọmọ ọdún méjì, pé ó dùn wọ́n gan-an, pé wọ́n sunkún fún oṣù mẹ́ta, pé bàbá àgbà kò jẹun. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ fún aṣọ? Aṣọ kò sí ní ilé ìwòsàn, kò sì sí níbi tí bàbá àgbà ti ń ta oúnjẹ nù. Ohun tí aṣọ mọ̀ ni pé wọ́n ti so òun mọ́ ọmọ kan rí. Wò ó báyìí:

“Ọmọ yìí wúwo ju bó ṣe rí lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ lábẹ́ mi, ó ń fi gìgísẹ̀ ta ìyá rẹ̀ níhà. Ó da itọ́ sí mi létí, níbi tí wọ́n ti so mí. Wọn kò fọ itọ́ náà. Wọ́n ká mi pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì gbé mi sísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọwọ́ kì í dé. Nígbà tí wọ́n tún ṣí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ wá mi dé ìsàlẹ̀. Ó wá ibi tí itọ́ ti gbẹ, ó gbé e sí imú. Ó tún ká mi padà. Kò pọn ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ìgbà kẹta tó ṣí àpótí, ọmọ mìíràn ni. Èyí fúyẹ́, kò ta gìgísẹ̀.”

Kò sí ikú nínú rẹ̀, kò sí ẹkún, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tó máa kà á tí kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣísílẹ̀ kìíní àti èkejì. Ìwọ̀n ohun tí aṣọ fọwọ́ kàn ni mo kọ. Òǹkàwé ló sin ọmọ náà fúnra rẹ̀, ohun tí òǹkàwé bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

O ti rí i pé mo fún aṣọ ní ìfọwọ́kàn, ìwọ̀n wíwúwo, àti òórùn. N kò fún un ní ojú. Ìwọ lè yàn bó ṣe wù ọ́, àmọ́ yàn án lónìí, kọ ọ́ sórí bébà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níwájú rẹ. Ohun tí ó sábà máa ń bàjẹ́ nínú irú ìtàn yìí ni pé ní ojú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ìtàn bá le díẹ̀, òǹkọ̀wé á jí ojú àti etí kún un fún aṣọ. Bí o bá fẹ́ dá ara rẹ mú, wá gbogbo ibi tí o ti kọ “mo rí”, “mo gbọ́” àti “mo mọ̀ pé” nínú ohun tí o kọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni kí o bi léèrè pé, báwo ló ṣe rí i? Èyí tí kò bá rí èsì fọ̀, pa á rẹ́.

Òwú fúnra rẹ̀ ní ìmọ̀ tó pọ̀, bí o bá lè jẹ́ kó lò ó. Òwú máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì máa ń dá a padà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Aṣọ òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ran tó nípọn máa ń wúwo sí i nígbà òjò, á rọ̀. Nígbà ọyẹ́ á gbẹ táútáú. Ìdílé rẹ ti gbé Kàdúná níbi tí ọyẹ́ ti ń fa ètè ya, wọ́n ti gbé Ìlọrin, ìyá rẹ sì wá dé Lọ́kọ́jà, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, tí ooru àti ọ̀rinrin kì í sùn. Aṣọ kò mọ orúkọ ìpínlẹ̀ kankan, kò sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ara rẹ̀ ni yóò sọ pé a ti ṣí kúrò níbi gbígbẹ. Ohun tó sì jẹ́ kí ìtàn yín yàtọ̀ sí ti ará Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta nìyí: Kàbà kò kúrò níbi tí ó wà, olú ìlú ló ń sá káàkiri. Àwọn ará Okun tó ṣiṣẹ́ ìjọba lábẹ́ Àríwá, Kàdúná ni wọ́n gbé lọ. Lẹ́yìn 1967 ó di Ìlọrin. Lẹ́yìn 1991 ó di Lọ́kọ́jà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Kàbà, Ìyárá, Mopa àti Ìsánlú ló ní àpótí tó ti rin ìrìn yìí. Bí aṣọ rẹ bá kàn ròyìn bí wọ́n ṣe dè é mọ́ orí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àti bí ara rẹ̀ ṣe rí nígbà tí wọ́n tú u, o ti kọ ìtàn ìṣèlú Àríwá láìpe orúkọ olóṣèlú kan ṣoṣo.

Ti náírà ńkọ́? O kọ ọ́ sí ojú ìwé kẹjọ pé ìyá àgbà máa ń fi owó pamọ́ sáàárín aṣọ. O sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o sì fò ó kọjá! Dúró níbẹ̀. Àwọn kọ́bọ̀ oníhò àtijọ́ tí wọ́n rọ ní 1959 pẹ̀lú orúkọ Nàìjíríà, idẹ ni wọ́n fi rọ wọ́n. Bí idẹ bá pẹ́ lórí òwú tó ní ọ̀rinrin, á dá àmì sí i lára, àmì tó pọ́n díẹ̀ tó tún dà bí ewé. Nígbà tí wọ́n bá ń mú owó náà tí wọ́n ń dá a padà, àmì kì í dúró. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà dé. Wọ́n fún àwọn ènìyàn láyè láti pààrọ̀ owó àtijọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyá tó ní owó nínú ìká aṣọ ló rántí tàbí tó rí ààyè. Bí ìyá àgbà bá gbàgbé mẹ́ta tàbí mẹ́rin síbẹ̀, aṣọ yóò ṣàkíyèsí pé ọwọ́ kan wá, ó fọwọ́ kan owó náà, ó sì fi í sílẹ̀. Ìgbà mìíràn ọwọ́ tún wá, ó tún fi í sílẹ̀. Títí ihò àárín owó náà fi ya ara rẹ̀ sí aṣọ lára. Bẹ́ẹ̀ ni pọ́n-ùn ṣe kú. Lọ wo ẹ̀là méjì tó wà lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ, bóyá wàá rí irú àmì bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí, má fi sí i kí o tó bi mí, torí ó ṣeé ṣe kí àmì mìíràn wà níbẹ̀ tó sàn ju èyí tí mo rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ aṣọ náà gan-an. O kọ pé ìyá ìyá àgbà jókòó nídìí òfì, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ gbọọrọ bí àwọn ará Ìsẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Bùnú. Òfì ọkùnrin ni onítẹẹ̀sẹ̀, èyí tó ń bí àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rán pọ̀ di aṣọ òkè. Òfì àwọn obìnrin ilẹ̀ Okun dúró ṣánṣán sára ògiri ni, obìnrin á sì jókòó kọjú sí i. Igi kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, wọ́n á yí òwú ká àwọn méjèèjì. Obìnrin á fi ọwọ́ ti òwú kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, á sì fi igi pẹlẹbẹ gbá a mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀là aṣọ wọn fi fẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, tí ẹ̀là méjì tàbí mẹ́ta sì fi tó aṣọ ìró. Ìdí kan náà ni gígùn aṣọ kò fi lè ju ohun tó yí igi méjèèjì ká lọ. Elisha Renne, onímọ̀ nípa àṣà láti Amẹ́ríkà, gbé Bùnú, ó sì kọ odidi ìwé kan lórí aṣọ wọn tó jáde ní 1995. Nígbà tó fi débẹ̀, àwọn tó ń hun ti dín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n ti hun ṣì wà nínú àpótí, wọ́n sì ń mú un jáde fún ìgbéyàwó, fún òkú, fún ìbọ.

Ìkìlọ̀ kan péré lórí èyí. Nínú ojú ìwé kẹta o sọ aṣọ náà di pupa lójijì, o pè é ní aṣọ ìpò. Mo mọ̀ pé pupa dùn ún kọ. Ṣùgbọ́n aṣọ ìpò jẹ́ ti òkú àwọn olóyè àti ti eégún, kì í ṣe ohun tí ìyá ń dì fún ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ. Òwú pupa tí wọ́n ń lò fún un pàápàá, nínú búláńkẹ́ẹ̀tì pupa tí wọ́n tú ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Àgbà Bùnú kan tó bá ka ìwé rẹ yóò pa á dé níbẹ̀. Aláró tí o kọ nínú lẹ́tà ló bá ti ìyá àgbà mu, jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Mo wá kan ibi tí mo rò pé ìwọ fúnra rẹ ń sá fún. Ní gbogbo ojú ìwé tí o fi ránṣẹ́, aṣọ náà ń wo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí tí kò sẹ́ni tó ń jà lé lórí máa ń sú ni. Ará Amẹ́ríkà kan wà, August Wilson, tó kọ eré orí ìtàgé kan tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1987. Dùùrù ńlá kan ló wà láàárín ìdílé kan ní ìlú Pittsburgh ní 1936. Baba ńlá wọn, tó jẹ́ ẹrú, ló gbẹ́ ojú àwọn ará ilé rẹ̀ sí ara igi dùùrù náà. Dùùrù náà kò fọhùn bí ènìyàn. Ṣùgbọ́n arákùnrin fẹ́ tà á kó fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀ tí àwọn baba wọn ti ṣe ẹrú lórí rẹ̀, arábìnrin sì ní òun kò ní tà á láéláé. Orí ìjà yẹn ni gbogbo ìtàn ìdílé ti tú jáde, nítorí pé olúkúlùkù gbọ́dọ̀ sọ ohun tí dùùrù náà jẹ́ fún un. Wilson kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn jẹ̀bi pátápátá.

Ìwọ ní ìjà tìrẹ, o kàn fi í sínú lẹ́tà dípò inú ìwé. Aṣọ ẹlẹ́là mẹ́ta kò nílò àlùmágàjí kó tó pín. Ẹni tó bá tú ojú rírán yóò rí ẹ̀là mẹ́ta tó pé, tí kò ya. Ẹ̀là kẹta yẹn wà níbìkan. Bóyá wọ́n fi sin ìyá àgbà ní òru láì jẹ́ kí àwọn tó kọ̀ mọ̀. Bóyá ẹnì kan ní Lọ́kọ́jà fi di ẹrù. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹni tó tú okùn rírán yẹn jókòó fún ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tàbí abẹ, ó ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ mọ ọwọ́ náà. Kò sí ẹlòmíràn nínú ìdílé yín tó lè sọ ibẹ̀ ju aṣọ lọ. Kí ìwé rẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Jẹ́ kí orí kìíní jẹ́ òru tí wọ́n ń tú ojú rírán, kí àwọn ìjáde mẹ́fà tẹ̀ lé e, kí ìwé sì padà sí òru yẹn nígbà tí a ti mọ ẹni tó ní ọwọ́.

Bí o bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ọ́ tẹ́lẹ̀ yóò ti rí ìdáhùn: ta ni aṣọ ń bá sọ̀rọ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí? Alain Mabanckou, ọmọ Kóńgò, fi òòrẹ̀ kan sọ ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 2006, tó sì gba ẹ̀bùn Renaudot ní ilẹ̀ Faransé. Èkejì ènìyàn kan ni òòrẹ̀ yìí. Bí ènìyàn náà bá kú, òun náà yẹ kó kú. Ènìyàn kú, òòrẹ̀ kò kú. Ẹ̀rù bà á, ó sá lọ sídìí igi oṣè, ó sì ń rojọ́ fún igi náà títí. A mọ ẹni tó ń gbọ́, a sì mọ ìdí tí kò fi lè pa ẹnu mọ́. Aṣọ rẹ náà lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀là méjì tó wà lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ lè máa bá ẹ̀là kẹta sọ̀rọ̀, èyí tó ti lọ. Wọ́n ti jọ wà ní ojú rírán kan fún àádọ́rin ọdún. Ó tọ́ kí wọ́n ní ọ̀rọ̀ láti bá ara wọn sọ, àwọn ọ̀rọ̀ kan yóò sì wà tí wọn kò ní nílò láti ṣàlàyé, torí ẹ̀là kẹta náà wà níbẹ̀. Ìyẹn nìkan yóò gé ojú ìwé bí mẹ́wàá kúrò nínú ogójì rẹ.

Lórí èdè: o jẹ́ kí aṣọ máa sọ èdè Òwé ní ojú ìwé kìíní, nígbà tó fi di ìkarùn-ún ó ti ń sọ ti Ọ̀yọ́. Yan ọ̀kan. Bó bá jẹ́ tèmi, mà á jẹ́ kí aṣọ sọ Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, kí àwọn ènìyàn inú ìtàn sì máa fi Òwé tàbí Bùnú bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn kúkúrú tí kò nílò àlàyé.

Ó ku ọ̀rọ̀ àbúrò ìyá rẹ. Wọ́n ṣì wà láyé, ó sì ṣeé ṣe kí ọwọ́ wọn ni aṣọ mọ̀ ní òru yẹn. Má fi ìwé náà ṣe àwárí fún wọn lójú gbogbo ayé. Nígbà tí o bá lọ bi wọ́n léèrè ìjáde aṣọ, mú ẹ̀là méjèèjì jáde kí ẹ jọ tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín yín. Wo etí tí okùn rírán ti kúrò lára rẹ̀, bí ihò abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀ ní ìlà. Má bi wọ́n léèrè ẹ̀là kẹta lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fúnra wọn, bi wọ́n bóyá o lè kọ ọ́. Bí wọ́n bá ní rárá, pa ìlú àti orúkọ dà, sọ àbúrò di ẹ̀gbọ́n tàbí aya ilé, kí o sì ka orí yẹn fún wọn kí o tó fi han ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, fi orí kìíní tuntun ránṣẹ́ sí mi. Kó má ju ojú ìwé mẹ́rin lọ.